Orúkọ tó wà nínú fọ́ọ̀mù báǹkì kọ́ ló ni owó olóògbé

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó ju ìdílé kan lọ tó ti wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ kan náà: ẹnì kan kú, kò ṣe ìwé ìhágún, owó rẹ̀ wà ní báǹkì, báǹkì ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n fẹ́ kí n bá wọn gbàdúrà kí wọ́n rí ojúrere mánéjà. Mo gbàdúrà o. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀mí òkùnkùn kankan lára mánéjà yẹn. Ìwé ló ń béèrè, kóòtù ló sì ń fúnni ní ìwé náà. Gbogbo ọjọ́ tí a bá fi ń gbààwẹ̀ lórí mánéjà, ọjọ́ tó yẹ kí a ti wà ní kóòtù ni.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Ohun tí mo mọ̀, ẹ̀yìn àwọn opó ìjọ ni mo tẹ̀ lé dé ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ti Ìpínlẹ̀ Èkó ni mo máa sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn nẹ́kísì-ọfù-kín. Nígbà tí ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ kọ orúkọ ẹnì kan sí i. Wọ́n béèrè níbi iṣẹ́, ẹ kọ ọ́. Wọ́n béèrè ní ọsibítù, ẹ tún kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ẹni tí a kọ síbẹ̀ ni a fi owó náà sílẹ̀ fún. Rárá o! Ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Orúkọ yẹn kì í ṣe ìwé ìhágún, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di ajogún. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló jẹ́ pé àbúrò wọn ni wọ́n kọ nígbà tí wọn ò tíì gbéyàwó, ogún ọdún kọjá, ọmọ mẹ́rin ti dé, orúkọ àbúrò ṣì wà níbẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá kú, àbúrò á ní, "Èmi ni bọ̀dá mi kọ, èmi ni wọ́n fún." Ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Irọ́ kọ́ ni àbúrò yẹn ń pa lọ́kàn ara rẹ̀, ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Àmọ́ òfin ò sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tí báǹkì fi ń ti àkáǹtì? Ní kété tí wọ́n bá gbọ́ pé oníbàárà wọn ti kú, owó lè wọlé sínú àkáǹtì náà, ṣùgbọ́n kò ní lè jáde. Ìdí ni pé ẹni tó láṣẹ lórí owó náà ti lọ, kò sì tíì sí ẹlòmíràn tí òfin fi rọ́pò rẹ̀. Bí báǹkì bá kó owó fún àbúrò lónìí, tí àwọn ọmọ bá pe báǹkì lẹ́jọ́ lọ́la, báǹkì lè san án lẹ́ẹ̀kejì. Ìyẹn ni mánéjà ń sá fún.

Ìwé méjì ló wà tí kóòtù lè fúnni. Bí olóògbé bá kọ ìwé ìhágún, tó sì dárúkọ àwọn tó máa bá a mú un ṣẹ, àwọn yẹn ni yóò lọ gba èyí tí wọ́n ń pè ní Póróbéètì. Bí kò bá kọ nǹkan kan, Lẹ́tà Adiminisitréṣọ̀n ni ìdílé máa gbà, ìyẹn ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún. Nínú ìjọ wa, méló ló kọ ìwé ìhágún? Ẹ jẹ́ ká má parọ́ fún ara wa. Nítorí náà, ti ìkejì yìí ni mo máa sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdílé kan. Mo ti yí ọ̀rọ̀ wọn padà, mo sì ti pa ti ẹni méjì mẹ́ta pọ̀, kí ẹ má bàa máa wá ẹni tó jẹ́. Bàbá kan kú ní Èkó, kò kọ ìwé ìhágún. Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀, wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù, ọmọ mẹ́ta, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ní ₦2,400,000 nínú àkáǹtì tí owó oṣù rẹ̀ ń wọ̀. Ó ní ilé kan ní Ìkòròdú, ó sì ra ilẹ̀ kan sí Mowé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni nẹ́kísì-ọfù-kín ní báǹkì. Àbúrò yìí náà ló mọ nọ́ńbà káàdì báǹkì bọ̀dá rẹ̀, torí òun ló máa ń bá a gba owó nígbà tó wà lórí àìsàn.

Ìwé ẹ̀rí ikú ni wọ́n kọ́kọ́ lọ gbà lọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa, torí ó ti dá ọ̀pọ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà: bébà tí dókítà kọ ní ọsibítù, tó sọ àrùn tó pa èèyàn, kì í ṣe òun nìyẹn. Ìyẹn ni ẹ máa mú lọ sọ́dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn kí wọ́n tó fún yín ní èyí tí kóòtù ń fẹ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ orúkọ síbẹ̀. Bí Adéwálé bá wà ní báǹkì, tí Wálé wá wà nínú ìwé ẹ̀rí ikú, ẹ ti ra wàhálà nìyẹn. Ìwé ìbúra ni ẹ máa fi tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì Póróbéètì ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba àwọn fọ́ọ̀mù. Ibi tí ìdílé ti gbọ́dọ̀ pinnu nìyí: ta ni kí á kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó? Òfin Èkó ò gbà ju ẹni mẹ́rin lọ. Bí ọmọ tí kò tíì tójúúbọ́ bá wà nínú àwọn ajogún, ẹyọ ẹnì kan ò tó, ó kéré tán ẹni méjì. Nítorí àbíkẹ́yìn yẹn, ìyàwó nìkan ò lè dá a ṣe, àbúrò nìkan náà ò lè dá a ṣe. Ìyàwó àti ọmọ àkọ́bí wọn, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ni wọ́n kọ. Àbúrò bínú. Mo sọ fún un pé ipò tó ń jà lé, ipò ìránṣẹ́ ni. Màá padà síbẹ̀.

Nínú àwọn fọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀kan wà tí wọ́n máa gbé lọ sí báǹkì. Mánéjà á kọ iye tó wà nínú àkáǹtì sí i, á buwọ́ lù ú, á lu òǹtẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n máa kọ ilé àti ilẹ̀ sí, àti ibi tí wọ́n wà. Ẹ má kánjú níbí yìí rárá. Ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ni ìwé àṣẹ náà máa bá yín gbà. Báǹkì tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀ máa ní kí ẹ padà sí kóòtù. Ìyàwó yìí rò pé àkáǹtì kan ni ọkọ òun ní. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló tú fóònù bàbá rẹ̀, ó rí alẹ́ẹ̀tì láti báǹkì mìíràn, wọ́n yọ owó kékeré kan fún títọ́jú àkáǹtì. Wọ́n lọ wádìí, ₦850,000 wà níbẹ̀. Ká ní ọmọ yẹn ò yẹ fóònù wò, owó náà á ṣì wà níbẹ̀ dòní. Torí náà, kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù, ẹ yẹ fóònù wò, ẹ tú àpò ìwé, ẹ wá ìwé ṣíà, ẹ béèrè owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ibi iṣẹ́.

Fọ́ọ̀mù àwọn onídùúró náà wà. Àwọn wọ̀nyí ń fọwọ́ sí i pé bí alábòójútó bá na ogún ní ìnákúnàá, kóòtù lè mú àwọn. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ kí pásítọ̀ ṣe é, torí pé ojú ń ti àwọn ìbátan láti ṣe é fún ara wọn. Èmi kì í ṣe é, mi ò sì rò pé pásítọ̀ kankan yẹ kó ṣe é. Ẹ rántí ọkùnrin tó wá bá Jésù pé kó bá òun bá arákùnrin òun sọ̀rọ̀ kí wọ́n pín ogún. Olúwa fúnra rẹ̀ ò gba iṣẹ́ olùpín ogún. Èmi wo ni kí n gbà á? Bákan náà, ẹ má gbé ìwé ilé olóògbé wá fún mi kí n bá yín tọ́jú rẹ̀ sí ọ́fíìsì ìjọ. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ máa ní pásítọ̀ ló tà á.

Kóòtù máa kéde pé lágbájá ń béèrè fún àṣẹ lórí ogún lágbájá, kí ẹni tó bá ní ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lè sọ. Ẹni tó bá fẹ́ dí i lọ́wọ́ lè fi ìwé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn, wọ́n ń pè é ní káfíàtì, gbogbo nǹkan á sì dúró títí wọ́n á fi yanjú rẹ̀. Tí àbúrò, àǹtí tàbí ìyàwó ìta tó ní ọmọ fún olóògbé bá ti ń kùn, ẹ pè wọ́n jókòó kí ẹ tó lọ sí Ìkẹjà. Ó sàn kí ẹ bá ara yín jà nínú pálọ̀ ju kí káfíàtì dá ìwé yín dúró.

Owó ìjọba tún wà. Ìdá kan nínú iye ogún ni wọ́n máa ń bù, ẹ sì gbọ́dọ̀ san án kí ìwé tó jáde. Ibí yìí ni àwọn opó ti máa ń sọ̀rètí nù: owó wà ní báǹkì, wọn ò lè fọwọ́ kàn án, kóòtù sì ń béèrè owó. Ẹ bi báǹkì bóyá wọ́n lè bá yín yọ ọ́ nínú owó olóògbé, kí wọ́n san án tààrà fún kóòtù, láì gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé. Wọ́n máa ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ lẹ́tà, ẹ má kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín pé òun mọ ẹnì kan tó lè bá yín gba ìwé yìí ní ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù ni ẹ máa fi kà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ti káàdì báǹkì. Àbúrò olóògbé yẹn, ní ọ̀sẹ̀ tí bọ̀dá rẹ̀ kú, kí báǹkì tó gbọ́, ó gba ₦600,000 lẹ́nu ẹ̀rọ nínú àkáǹtì owó oṣù. Ó ní ìnáwó ìsìnkú ni. Gbogbo ẹbí ló ń yìn ín pé ó gbìyànjú. Àmọ́ nígbà tí báǹkì kọ fọ́ọ̀mù, ₦1,800,000 ló kù. Ìwé àkáǹtì sì fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan hàn: ìgbà mẹ́rin ni owó jáde lẹ́yìn ọjọ́ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí ikú. Òkú ò lè lọ gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ. Gbogbo ẹni tó bá fi ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn máa rí i.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ sì ní, "Pásítọ̀, ṣé kí òkú máa wà ní mọ́ṣúárì ni?" Ìdáhùn mi nìyí. Òfin mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ sin òkú. Ìnáwó ìsìnkú tó bá mọ níwọ̀n wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń san nínú ogún. Nítorí náà, ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ra pósí, tó san owó mọ́ṣúárì, tó sì tọ́jú rìsíìtì, lè gba owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn alábòójútó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ mú nínú owó olóògbé láìláṣẹ ti fi ara rẹ̀ sínú gbèsè, òun ló sì máa ṣàlàyé gbogbo kọ́bọ̀. Àbúrò yìí rí rìsíìtì ₦450,000 kó wá. Wọ́n gbà á. ₦150,000 tó kù, ó ní aṣọ ẹbí àti oúnjẹ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun ni. Aṣọ ẹbí kì í ṣe ìsìnkú. Ó san án padà díẹ̀díẹ̀. Ó sì ṣe é láìbínú, mo gbé e fún un.

Ó kan ọ̀rọ̀ tí mo ṣèlérí pé màá padà sí. Nígbà tí ìwé jáde, báǹkì méjèèjì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọ̀ kóòtù bóyá ayédèrú ni, wọ́n wá ní kí àwọn alábòójútó ṣí àkáǹtì kan ní orúkọ ogún olóògbé, kì í ṣe ní orúkọ ara wọn. Ibẹ̀ ni ₦1,800,000 àti ₦850,000 wọ̀, ₦2,650,000, kí a tó yọ owó ìjọba. Owó yẹn kì í ṣe ti ìyàwó àti àkọ́bí tí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Wọ́n kàn ń mú un dání ni. Wọ́n á kọ́kọ́ san gbèsè tí bàbá jẹ, ìyókù ni wọ́n á pín fún àwọn tó ni ín. Alábòójútó tó bá ta ilé láì bá àwọn yòókù sọ, tàbí tó kó owó sínú òwò ara rẹ̀, wọ́n lè pè é lẹ́jọ́, kóòtù sì lè gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ta ló wá ni ín? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tọkọtaya ìjọ wa gbọ́ jù. Nílẹ̀ Yorùbá, bí bàbá bá kú láìkọ ìwé, àwọn ọmọ ló ń jogún. Bí ìyàwó bá ju ọ̀kan lọ, ìdí-igi ni wọ́n ń pín in: ọmọ kan ló wà ní ìdí kan, ọmọ mẹ́rin ló wà ní ìdí kejì, ìpín kan náà ni. Orí-ò-jorí ni kí wọ́n pín in lé orí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹjọ́ ìdílé Dawódù ti Èkó, tí bàbá wọn ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, rìn títí dé Ìgbìmọ̀ Ìdájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ìdí-igi ló sì borí. Ẹ kíyè sí i: nínú méjèèjì, ìyàwó fúnra rẹ̀ ò ní ìpín. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bá jẹ.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìgbéyàwó, òfin Èkó lórí ogún ló máa pín in, ìyàwó sì ní ìpín tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ìwé ìgbéyàwó ló gbé ìyàwó inú ìtàn yìí dúró. Níbo wá ni àwa ṣọ́ọ̀ṣì dúró? Ìgbéyàwó tí a bá ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba kò fún ní àṣẹ ìgbéyàwó, tí ẹ ò sì fi tó ọ́fíìsì ìgbéyàwó létí tẹ́lẹ̀, ìbùkún ni, Ọlọ́run gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin yẹn. Sàtífíkéètì tó ní àwòrán àdàbà tí a fún yín kò ní ran opó lọ́wọ́ ní Ìkẹjà. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run ẹlẹgbẹ́ mi kan ò fẹ́ kí a máa sọ èyí, wọ́n ní yóò dín ọlá pẹpẹ kù. Èmi ò gbà. Àwọn ọmọbìnrin Sélófẹ́hádì máràn-ún, nígbà tí bàbá wọn kú, wọn ò jókòó sínú àgọ́ kí wọ́n máa sunkún. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ogún wọn lọ síwájú Mósè ní gbangba, Ọlọ́run sì dá wọn láre. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún opó mọ́ pé kó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀.

Ó ku ilé àti ilẹ̀. Ìwé tí kóòtù Èkó fúnni ṣiṣẹ́ lórí ilé Ìkòròdú. Ilẹ̀ Mowé ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Mowé wà. Wọ́n ní láti gbé ìwé náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ògùn kí wọ́n lu òǹtẹ̀ tiwọn sí i kó tó láṣẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò mọ èyí, ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà. Ti Ìkòròdú náà, ìwé àṣẹ kò sọ ilé di ti ìyàwó tàbí ti ọmọ kankan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín in, àwọn alábòójútó gbọ́dọ̀ kọ ìwé mìíràn tó gbé ilé náà lé àwọn ajogún lọ́wọ́, kí lọ́yà bá wọn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ìdílé yìí ò tíì ṣe ìyẹn. Wọ́n ní kí àbíkẹ́yìn dàgbà díẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́ jù, torí bí alábòójútó méjèèjì bá kú kí wọ́n tó ṣe é, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá dáhùn èyí tí mo bá mọ̀. Èyí tó bá jù mí lọ, lọ́yà inú ìjọ wa máa wà ní gbọ̀ngán lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé ìgbéyàwó dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ nọ́ńbà àkáǹtì olóògbé sí abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí o.